Ọjọ́ Tí Ìnṣọ́ránsì Kareem Parí

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni Mùjídàt, ṣùgbọ́n Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti ń ṣiṣẹ́, ní iléeṣẹ́ kan tó ń di gàrí sínú ọ̀rá. Ẹni tó bá fẹ́ máa kó ẹ̀gẹ́ wá fún wọn, tàbí kó máa fi ọkọ̀ gbé ọjà wọn, fáìlì onítọ̀hún á kọ́kọ́ dé orí tábìlì Mùjídàt. Ọjọ́ mẹ́ta ló ń wá nínú rẹ̀: ọjọ́ tí ìnṣọ́ránsì máa parí, ọjọ́ tí láíṣẹ́nsì máa parí, àti ọjọ́ tí ìwé ẹ̀rí owó orí kò ní wúlò mọ́. Á kọ wọ́n sórí kọ̀ǹpútà, orúkọ tirẹ̀ á sì wà níwájú wọn pé òun ló kọ wọ́n.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runnísọ̀lá, díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, ló kọ́ ọ níṣẹ́. Òun ló sọ fún un pé ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé kọ́ ni ọjọ́ tó máa parí, pé kó wá ìlà tó sọ ìparí fúnra rẹ̀. Dádì ni Mùjídàt ń pè é. Nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀, ìyàwó bàbá yìí ló ń gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá fún un. Nítorí náà, nígbà tó fẹ́ lọ ṣọdún Iléyá ní Ọ̀yọ́, tí Dádì ní kó fún òun ní ọ̀rọ̀ aṣínà tó fi ń wọ kọ̀ǹpútà, bóyá iṣẹ́ á yọjú, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ọkọ̀ Kareem, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wọn kó gàrí, dojú dé nítòsí Ìkòyí-Ilé. Kò sẹ́ni tó kú, ṣùgbọ́n gbogbo ẹrù ló dà sínú ẹrẹ̀. Iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ní àwọn kò ní san nǹkan kan, torí ìwé Kareem ti parí láti oṣù kejì. Lórí kọ̀ǹpútà, oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀ ló wà níbẹ̀.

Ọ̀gá wọn, Arábìnrin Títílọlá, pe Mùjídàt àti Dádì. Ọlọ́runnísọ̀lá ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

“Ọmọdé ni, mà. Kò wo ìwé náà dáadáa.”

Mùjídàt wò ó. Bàbá náà ń wo ilẹ̀.

Ọmọbìnrin náà bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbé fáìlì wá, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà ṣí àkọsílẹ̀ àwọn àtúnṣe. Ọjọ́ tó wà nínú ìwé ni òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ kọ, kọ̀ǹpútà sì ti sọ ọ́ di pupa, pé Kareem kò yẹ láti gbẹ́rù. Ọjọ́ Iléyá gan-an, tí Mùjídàt wà ní yídì ní Ọ̀yọ́, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ wọlé, tí wọ́n yí ọdún padà, láti orí ẹ̀rọ Ọlọ́runnísọ̀lá. Àbúrò ìyàwó bàbá náà ni Kareem.

Wọ́n ní kí bàbá náà lọ sílé. Mùjídàt bá a níbi tó ti ń kó ìwé rẹ̀ sínú páálí.

“Dádì, kí ló dé tó fi jẹ́ orúkọ mi lẹ lò?”

“Mo rò pé o kéré, wàá tètè ríṣẹ́ míì.”

Iṣẹ́ kò bọ́ lọ́wọ́ Mùjídàt, ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá rẹ̀ pè é láti Ọ̀yọ́, tó ní kó bá òun kí Dádì rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní òun á kí wọn, ó sì gbé fóònù sílẹ̀ kí ohùn rẹ̀ tó yí padà.