Ìwé Iṣẹ́ Abẹ Tí Mo Tẹ̀ Pọ̀

Láti ìgbà tí wọ́n ti jó ilé mọ́ wa lórí nígbà ìjà ilẹ̀ àárín Ìlọ́bù àti Ìfọ́n, n kì í dá sí ohun tí kò kàn mí. Èmi ni mo ń fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé àwọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìlọ́bù. Ohun tí dókítà bá kọ ni mo ń tẹ̀. N kì í fi kọ́mà kan kún un.

Obìnrin kan wá láti Ìfọ́n, ìju, kókó inú ilé ọmọ, ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Dókítà oníṣẹ́ abẹ tó máa ń ti Òṣogbo wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ yọ ilé ọmọ rẹ̀, ó fọwọ́ kọ ìwé iṣẹ́ náà, ó sì lọ. Mo tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà: ìpínrọ̀ kan ṣoṣo, láti orí bí wọ́n ṣe la ikùn títí dé orí òwú tí wọ́n fi rán awọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé fáìlì kan lọ sí wọ́ọ̀dù. Nọ́ọ̀sì ti wọ ìbọ̀wọ́, ó fẹ́ yọ rọ́bà tó ń fa ìtọ̀ jáde lára obìnrin náà, bí wọ́n ṣe máa ń yọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Mo rántí pé mo tẹ "ọjọ́ mẹ́rìnlá" níbì kan.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná."

"Ìyá Kọ̀ǹpútà, ẹ ti wá di dókítà?"

"Rárá o. Ẹ ṣáà tún ìwé yẹn kà."

"Mo ti kà á. Wọ́n ní àpò ìtọ̀ lẹ̀ mọ́ ilé ọmọ, wọ́n sì tú u."

Mo fi ìka tọ́ka sí ibẹ̀, láàárín orúkọ òwú méjì: bí wọ́n ṣe ń tú u, àpò ìtọ̀ ya, wọ́n rán an ní ìpele méjì, kí rọ́bà wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ ìbọ̀wọ́. Bí ìtọ̀ bá kún àpò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán, ojú rírán lè já, kí ìtọ̀ máa jò sínú ikùn. Èmi tún ń ro òmíràn: obìnrin Ìfọ́n, ilé ìwòsàn Ìlọ́bù. Ta ni yóò gbà pé àṣìṣe ni?

A pe dókítà lórí fóònù. "Ṣebí mo kọ ọ́," ló wí.

Mo ní, "Ẹ kọ ọ́, sà. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ bá nínú ikùn àti ohun tó ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́, ẹ dà wọ́n pọ̀."



Ó ní, "Màmá, bí mo bá dá ìyẹn kọ sọ́tọ̀, gbogbo ayé ni yóò rí i."

"Nọ́ọ̀sì náà á rí i, sà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n mú bébà. Ó ń pè é, mo ń kọ ọ́ ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí: ohun tí a ṣe, ohun tí a bá, ìṣòro tó yọjú, bí a ṣe rán an padà, ìtọ́jú tó kù. Lílẹ̀ mọ́ra bọ́ sábẹ́ ohun tí a bá. Yíya àti àtúnṣe rẹ̀ bọ́ sábẹ́ ìṣòro. Ó ní kí ọjọ́ mẹ́rìnlá dá dúró nísàlẹ̀, lábẹ́ ìtọ́jú. Láti ìgbà náà, bí kò bá sí ìṣòro, ó ń kọ "kò sí". Bí ó bá fi àyè ibẹ̀ sílẹ̀ lásán, èmi á pè é.

Lọ́jọ́ kẹrìnlá wọ́n yọ rọ́bà. N kò lè tẹ nǹkan kan títí nọ́ọ̀sì fi yọ orí sí ẹnu ọ̀nà mi.

"Ó ti tọ̀, mà. Ó tọ̀ dáadáa."