Ìka Kẹfà Mi

Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń kun èékánná fún àwọn obìnrin wà ní Bódìjà. Ìka mẹ́fà ni wọ́n bí mọ́ mi ní ọwọ́ òsì. Lọ́jọ́ kan, mo kun gbogbo wọn ní pupa, mo ya fọ́tò, mo sì ní kí ẹ̀rọ AI orí fóònù mi kọ ohun tó rí, kí n fi polówó iṣẹ́.

Ó ní, “Mo rí ọwọ́ náà kedere. Ìka márùn-ún ni.”

Inú bí mi. Mo ní kó tún un kà. Ó tọrọ àforíjì, ó bẹ̀rẹ̀ láti àtàǹpàkò, ó tún parí sí márùn-ún.

Àbúrò mi tó ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ̀gbọ́n mi, ọwọ́ oníka márùn-ún ló kún inú àwòrán tí wọ́n fi kọ́ ọ. Ohun tó wọ́pọ̀ ló ń sọ. ‘Mo rí i kedere’ yẹn, bó ṣe ń fi sọ òótọ́ náà ló ń fi sọ irọ́.”

Nígbà tí wọ́n bí mi, àwọn àgbà ilé fẹ́ fi òwú so ìka yìí kó lè já. Màmá mi kọ̀ jálẹ̀. Ṣé ẹ̀rọ ló wá máa gé e?

Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò náà: “Ìka mẹ́fà ni. Ẹ wá kà á.”