Ìbéèrè Bẹ́tà tí Mo Fi Ẹnu Mi Bà Jẹ́

Ẹ̀rù ni mo fi ṣe ìdánwò yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò ní parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Lápá ìparí àwọn ọdún 1980 ni. Akọ̀wé ni mí nígbà náà ní ọ́fíìsì àwọn tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní èbúté, ní Liverpool Road, l'Ápápá. Mo ti jókòó ṣe ìdánwò àwọn oníṣirò owó lẹ́ẹ̀kan, mo sì fìdí rẹmi. Àmọ́ ẹnu mi kò mọ ìsinmi. Bí mo ṣe fìdí rẹmi tó yẹn náà ni mo sọ ara mi di tíṣà.

Yàrá tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, nítòsí Boundary l'Ájégúnlẹ̀, la ti máa ń pàdé lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi láti múra sílẹ̀ fún ìdánwò náà. Márùn-ún ni wá. Ọ̀kan nínú wa jẹ́ ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì àwọn ọlọ́kọ̀ òkun lápá Tin Can. Ọdún mẹ́ta ló ti wà níbẹ̀ láìgba ìwé pé ó ti di òṣìṣẹ́ gidi. Ọ̀gá rẹ̀ sì ti là á mọ́lẹ̀ fún un pé bí kò bá yege lọ́tẹ̀ yìí, ẹlòmíì ló máa jókòó sórí àga rẹ̀. Owó oṣù yẹn ni òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjì ń jẹ. "Ẹ̀gbọ́n" ló ń pè mí. Gbogbo ohun tí mo bá kọ sójú bọ́ọ̀dù ló ń dà kọ, títí kan àṣìṣe mi.

Ìbéèrè CAPM ló ń dẹ́rù bà wá jù, bẹ́ẹ̀ ohun tó ń béèrè kò ju èyí lọ: èrè wo ló yẹ kí ẹni tó ra ṣíà ilé-iṣẹ́ kan máa retí? Wọ́n á fún ẹ ní nǹkan mẹ́ta. Èkíní ni èrè tí kò léwu, irú èyí tí ìjọba ń san fún ẹni tó bá yá a lówó. Èkejì ni èrè gbogbo ọjà ṣíà lápapọ̀. Ẹ̀kẹta ni bẹ́tà, tó ń sọ bí ṣíà náà ṣe ń bá ọjà rìn. Bí bẹ́tà bá jẹ́ ọ̀kan, ẹsẹ̀ kan náà ni òun àti ọjà jọ ń gbé. Bó bá jẹ́ ọ̀kan àbọ̀, tí ọjà bá gbé ẹsẹ̀ méjì, òun á gbé mẹ́ta, ì báà jẹ́ lọ sókè, ì báà jẹ́ wá sílẹ̀.

Mo wá ṣe òfin kan fún wọn kí wọ́n má baà gbàgbé. Mo ní bí ẹ bá ti rí nọ́ńbà ọjà, ẹ kọ́kọ́ yọ èrè tí kò léwu kúrò nínú rẹ̀. Ìyókù ni prímíọ̀mù, ìyẹn ohun tí ọjà ń fi lé e nítorí ewu. Ẹ fi bẹ́tà sọ ìyẹn di púpọ̀, kí ẹ wá da èrè tí kò léwu padà sórí rẹ̀. Bí èyí tí kò léwu bá jẹ́ méje nínú ọgọ́rùn-ún, tí ti ọjà jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́jọ ló kù. Mẹ́jọ lọ́nà ọ̀kan àbọ̀ jẹ́ méjìlá. Méjìlá àti méje jẹ́ mọ́kàndínlógún, ìdáhùn dé nìyẹn. Màá na ṣọ́ọ̀kì sí wọn, màá ní, "Kí la kọ́kọ́ ń ṣe?" Wọ́n á ní, "A ó yọ ọ́." Inú mi á sì dùn bí ẹni pé èmi ni mo dá ìṣirò sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ọmọbìnrin yìí nawọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, bí wọ́n bá ti bá wa yọ ọ́ ńkọ́? Bó bá jẹ́ prímíọ̀mù yẹn gan-an ni wọ́n kọ síbẹ̀?" Kò sí irú ẹ̀ nínú àwọn ìbéèrè àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ mi, n kò sì rò ó rí. Dípò kí n sọ bẹ́ẹ̀, mo gbójú mọ́ ọn. Mo ní, "Ṣé ìwọ lo fẹ́ máa kọ́ mi ni? Yọ ọ́, jàre." Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà," ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan l'Ápápá la ti ṣe ìdánwò náà, láàárọ̀, tí àwọn tírélà ń fun fèrè níta. Mo dé orí ìbéèrè kẹta, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. Èrè tí kò léwu, mẹ́jọ. Prímíọ̀mù ọjà, mẹ́wàá. Bẹ́tà, ọ̀kan àbọ̀. Wọ́n ti bá wa yọ ọ́. Mẹ́wàá lọ́nà ọ̀kan àbọ̀ jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Fi mẹ́jọ kún un, ó di mẹ́tàlélógún. Àmọ́ ẹni tó bá tẹ̀ lé òfin mi á tún yọ mẹ́jọ kúrò nínú mẹ́wàá, méjì á kù, á sì bọ́ sórí mọ́kànlá. Mọ́kànlá yẹn kò tiẹ̀ jọ àṣìṣe. Ó ju mẹ́jọ lọ, kò sí ohun tó máa ta èèyàn jí. Èyí tó tún burú ni pé ìdáhùn yìí ni wọ́n ní ká fi díwọ̀n bóyá iṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ náà fẹ́ dáwọ́ lé máa mérè wá. Ẹni tó bá ṣìnà níbẹ̀, ó ṣìnà dé ìsàlẹ̀ ni.

Mo gbójú sókè. Ọmọbìnrin náà wà níwájú mi, ìlà méjì sí mi, ó dorí kodò, ó ń kọ̀wé. Mo mọ̀ pé yóò yọ ọ́, nítorí èmi ni mo ní kó yọ ọ́. Bí mo bá sì sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí i, àwa méjèèjì ni wọ́n máa lé jáde.

Ni ọgbọ́n kan bá sọ sí mi lọ́kàn. Mo nawọ́. Bàbá tó ń ṣọ́ wa wá, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ gbé ohùn sókè kí ọmọbìnrin náà lè gbọ́. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, mẹ́wàá tó wà ní ìbéèrè kẹta yìí, ṣé prímíọ̀mù ni lóòótọ́, àbí èrè ọjà?" Ó ní, "Ohun tí o bá kà níbẹ̀ ni kí o dáhùn. Tí mo bá tún gbọ́ ohùn ẹ, wàá jáde." Àmọ́ mo rí ọmọbìnrin náà tó gbórí sókè. Ó ṣí ìwé rẹ̀ padà sẹ́yìn, ó fi rúlà fa ìlà lé nǹkan kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ òmíràn. Mo mí kanlẹ̀.

Nígbà tá a jáde, ó sáré wá bá mi, ó kúnlẹ̀ sórí yanrìn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Ọlọ́run ló lò yín. Mo ti rí prímíọ̀mù níbẹ̀, mo ní wọ́n ti yọ ọ́ nìyẹn, mo sì ti kọ mẹ́tàlélógún sílẹ̀. Ìgbà tí mo gbọ́ tí ẹ ń béèrè bóyá èrè ọjà ni, ni mo mọ̀ pé pépà yẹn ló ṣàṣìṣe, mo sì rántí ìkìlọ̀ yín. Mo pa á rẹ́, mo yọ ọ́. Mọ́kànlá ni mo ní. Ṣé òun náà lẹ ní?"

Ó ń wò mí lójú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rù bà mí ju bó ṣe bà mí nínú gbọ̀ngàn lọ. Mo ní, "Òun ni."

Ìyẹn ni mo gbé sáyà títí èsì fi jáde. Ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, tó bá ti ń kọrin pẹ̀lú àwọn akọrin, mi ò lè wo ọ̀ọ́kán rẹ̀. Èsì dé, nọ́ńbà mi wà níbẹ̀. Tirẹ̀ kò sí.

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gba àga lọ́wọ́ rẹ̀ ló wá bá mi ní Liverpool Road, ní ọ̀sán gangan, bàtà rẹ̀ kún fún eruku. Ó kí mi kú oríire tọkàntọkàn. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún mi kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó jọ pé ohun tí ẹ kọ́ mi ni mi ò gbọ́ yé." Mo ní kó wá lọ́jọ́ Ìsinmi.