Kí Ni Ìyàwó Yẹn Jẹ Tí Inú Ẹ̀ Fi Bàjẹ́?

"Ẹ ń jí ọ̀rọ̀ mi gbé! Níbo lẹ ti rí ọkàn? Inú ni mo kọ! 'Inú mi bàjẹ́' ni òṣèré mi sọ!"

"Inú wo? Ṣé èyí tí oúnjẹ ń gbà lọ ni àbí èyí tó ń dunni?"

Ọ̀gá Fíìmù ló ń pariwo, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń dá a lóhùn, èmi wà láàárín wọn nídìí kọ̀ǹpútà, itọ́ ń ta sí mi lára lápá méjèèjì. Iṣẹ́ wa rèé: fíìmù Yorùbá á dé, ẹ̀gbọ́n mi á tú ohun tí wọ́n ń sọ sí Gẹ̀ẹ́sì, èmi á tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ àwòrán. Yàrá kan, bùláńkẹ́ẹ̀tì tá a fi dí fèrèsé, fáànù kan tó ń ké bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú.

Tíṣà ni ẹ̀gbọ́n mi tẹ́lẹ̀. Ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ torí ẹnu ẹ̀ ò lè sinmi níwájú ọ̀gá ilé-ìwé. Ẹ ò rí i nínú bọ́ọ̀sì! Táwọn méjì bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì jà níwájú ẹ̀, á kọjá ibi tó ń lọ. "Kí n wá sọ̀kalẹ̀ kí n má gbọ́ bó ṣe dá a lóhùn?" Ibẹ̀ ló ti ń kó Gẹ̀ẹ́sì tí ẹnu èèyàn ń sọ. Tó bá fẹ́ tú gbólóhùn kan, á dijú: "Ta ló ń sọ̀rọ̀? Kí ló ń ro ó lára? Tó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà, kí ni ì bá sọ?" Kó sì kúrú o, torí ojú gbọ́dọ̀ kà á tán kí àwòrán tó kọjá.

Ṣùgbọ́n fíìmù tá a ti ṣe pọ̀ bí irun orí, wọ́n kọ orúkọ ẹni tó se tíì síparí ẹ̀, wọ́n kọ ti ajá tó gbó lẹ́ẹ̀kan, ti ẹ̀gbọ́n mi ò sí. Ojú ìyá wa sì ti ń ṣú lọ. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń fẹ́ ò ju kí màmá ka orúkọ yẹn kí ojú tó kọ̀, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún Ọ̀gá Fíìmù.

"Ó dáa," ni Ọ̀gá Fíìmù wí. "Ẹ jẹ́ ká pe ẹni tí ò gbọ́ Yorùbá. Tó bá sunkún sí tiyín, orúkọ yín nìkan á kún ojú fíìmù. Tí ò bá sunkún, ẹ ó máa tú u bí mo ṣe kọ ọ́."

Mo sáré lọ pe obìnrin tó ń ta awò ojú nísàlẹ̀, tí ò gbọ́ Yorùbá rárá. Èyí tí ọ̀gá fúnra ẹ̀ tú la kọ́kọ́ fi hàn án. Ọkọ dé ẹnu ọ̀nà, ó ní "Mò ń bọ̀." Ìsàlẹ̀ kọ ọ́: "I am coming."

Obìnrin náà nàka sí i. Ta ló ń bọ̀? Ṣebí ó ń lọ ni! Ó bá ń wo ilẹ̀kùn, ó ń retí àlejò. Ọkọ ò padà wá mọ́. Ìyàwó bú sẹ́kún: "My stomach is spoiled."

Obìnrin yìí káàánú ẹ̀ gan-an o. Ó ní kí ló jẹ? Ó ṣí báàgì, ó yọ oògùn inú rírun síta!

Mo yí lulẹ̀. Ọ̀gá Fíìmù ní, "Kí ló ń pa ìwọ lẹ́rìn-ín? Fi tiwọn sí i!"

Mo fi tẹ̀gbọ́n mi sí i. Ọkọ dé ẹnu ọ̀nà: "I'll be right back." Obìnrin náà mi orí. Ìyàwó jókòó ti ilẹ̀kùn, ó ń retí, ilẹ̀ ń ṣú, ilẹ̀ ń mọ́. "I'm heartbroken." Ìyá ọkọ ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹ̀gbọ́n mi ò yí ìyẹn padà: "Even when we weep, we can still see." Ó ní èyí tó bá ti mọ́lẹ̀ fúnra ẹ̀, kí ni wọ́n tún ń tanná sí i fún?

Obìnrin aláwò bọ́ awò ojú ẹ̀, ó ń nù ún, omi ojú ń dà sí i lórí. Ó ń bú ọkọ yẹn ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀gbọ́n mi sì ti dijú, ó ń kó èébú pamọ́! Ọ̀gá Fíìmù pàápàá ń fa imú.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo gbà. Èmi tí mo kọ ọ́, mi ò mọ̀ pé ó dunni tó báyìí."

"Orúkọ mi ńkọ́?"

"Ìparí fíìmù wà nínú mọ́tò mi, ẹ jẹ́ n gbé e wá ká kọ ọ́ sí i." Ó ti dé ẹnu ọ̀nà. "Mò ń bọ̀."

Fáànù ké títí, ó dákẹ́. Obìnrin aláwò ti gba oògùn ẹ̀, ó ti lọ. Màmá ti gbọ́ nípa orúkọ náà, ó pè, ó ní ṣé kóun ti máa wá awò ojú òun báyìí? Mo ti ṣí àyè dúdú kan sílẹ̀ fún orúkọ náà, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ò mójú kúrò lára ilẹ̀kùn. "Ọmọ ìyá mi," ó ní, "ká bùláńkẹ́ẹ̀tì yẹn sókè, wo ìsàlẹ̀ nífèrèsé. Ṣé mọ́tò ọ̀gá yẹn ṣì wà níbẹ̀?"