Láti Òkúta dé Òkúta

Wambeti, tíṣà ìṣirò ní Runyenjes, kò lálàá rí pé òun máa jókòó sínú ọkọ̀ ìdíje. Ẹni tó máa ń ka ọ̀nà fún Musembi awakọ̀ ló kán lẹ́sẹ̀, ni wọ́n bá ní kí ó wá gbìyànjú wò. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Bí àṣìṣe kan bá lé wọn jáde, ó di ilé.

Ní ọjọ́ kejì, wáyà tó ń fi eré ọkọ̀ hàn já nínú igbó. Wọ́n jáde sí títì Naivasha. Níbẹ̀ kò sí ìdíje, òfin títì ló kù: ọgọ́rin kìlómítà ní wákàtí kan. Ẹni tí ọlọ́pàá bá mú pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ, tirẹ̀ ti parí.

"Ẹ̀gbọ́n, eré yìí pọ̀."

"Eré wo? A ń wọ́ bí ìgbín! Etí ni mo fi ń wa ọkọ̀, Tíṣà. Àádọ́rin ni."

Wambeti kò bá a jiyàn. Bí òkúta kìlómítà kan ṣe kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó tẹ bọ́tìnì aago bàbá rẹ̀. Ọwọ́ pupa tó ń ka ìṣẹ́jú-àáyá gbéra láti òkè.

"Ẹ má fi kún un, ẹ má dín in kù."

Òkúta kejì dé, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rìndínlógójì. Lórí òrùka tó yí ojú aago ká, èyí tó ń sọ ìṣẹ́jú-àáyá di eré wákàtí kan, ní ibi tí ọwọ́ náà dúró sí, ọgọ́rùn-ún ló wà níbẹ̀.

"Ọgọ́rùn-ún."

"Irọ́! Òkúta máìlì àtijọ́ nìwọ̀nyẹn."

"Bó bá jẹ́ máìlì ni, ọgọ́rùn-ún máìlì là ń sá ní wákàtí kan nìyẹn. Ṣé ọkọ̀ yín yìí lè ṣe é?"

Musembi rẹ́rìn-ín tipátipá. Ẹni tó ti ń sá ogóje nínú eruku láti àárọ̀, ọgọ́rùn-ún á dà bí ìrìn ẹni tó ń lọ kí àna lójú rẹ̀.

"Ojú yín ṣì wà nínú igbó, Ẹ̀gbọ́n."

Musembi fi ìbínú gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ohun tó ń mú ọkọ̀ sáré. Kí òkúta tó tún dé, ọwọ́ pupa ti yí po tán, ó ti kọjá òkè.

"Ó ti ju ìṣẹ́jú kan lọ, a ò tó ọgọ́ta mọ́. Báyìí, a máa pẹ́ ju aago tí wọ́n dá fún wa lọ."

"Kí lo wá fẹ́ gan-an?"

"Ẹ fi díẹ̀ kún un."

Ìṣẹ́jú-àáyá méjìdínláàádọ́ta. Márùndínlọ́gọ́rin.

"Ẹ dì í mú síbẹ̀."

Ọkọ̀ Okumu, tí wọ́n jọ ń díje, fọn fèrè, ó fò wọ́n kọjá.

"Ṣó o rí i? Ó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́!"

"Ẹ jẹ́ kó máa lọ."

Nígbà tí wọ́n gun òkè tán, Okumu ti dúró lábẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún, ọlọ́pàá ń kọ̀wé. Òkúta mìíràn yọ.

"Kà á fún mi, Tíṣà."

Ó ń kà á fún un títí wọ́n fi dé ibi tí wọ́n ti ń gba àkókò, láì yá jù, láì pẹ́ jù. Mẹkáníìkì wọn sáré wá.

"Ẹ sún ìjókòó Tíṣà yẹn síwájú," ni Musembi wí. "Ẹsẹ̀ ẹ̀ kúrú, ọ̀nà ọ̀la sì jìn."