Ẹsẹ̀ Tí Kò Fẹ́ Sùn

Òmìnira ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà náà, èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìlọrin dé ilé ọkọ ní Kabawa létí odò, mo sì ti lóyún. Inú mi ń dùn débi pé mo lè máa gbálẹ̀ kí n dédé bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi rẹwà, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń dà wá láàmú: bí mo bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀ lálẹ́, ẹsẹ̀ mi méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ eré tiwọn. Kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mí. Ńṣe ló dà bíi pé èèrà ń rìn nínú ojúgun mi, àfi kí n nà án, kí n ká a, kí n dìde rìn. Bí mo bá rìn, á lọ. Bí mo bá tún dùbúlẹ̀, á padà dé. Ọjọ́ kan ni mo ta ọkọ mi nípàá títí ó fi já bọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ó jókòó sílẹ̀, ó ní àwọn òbí òun kò sọ fún òun pé agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n fẹ́ fún òun.

Obì gbànja ni ìyá ọkọ mi ń tà. Lẹ́yìn ìrun Mọ́gàríbì, àwa obìnrin ilé á yí apẹ̀rẹ̀ ká, a ó ṣa obì, a ó fi ewé tútù dì í de ọkọ̀ ojú omi. Èyí tó bá ti dá tàbí tí kòkòrò ti jẹ, wọn kì í tà á, wọn kì í sì í dà á nù: ẹni tó ń ṣà á ló máa jẹ ẹ́. Ìyàwó tuntun ni mí, mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé n kì í fi nǹkan ṣòfò. Mo ń jẹ gbànja bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ èèpo iṣu, mo sì ń fi tíì dúdú sìn ín.

Nígbà tí ìyá ọkọ mi rí bí ojú mi ṣe wọnú, ó ní ilé yìí kò bá oyún náà lára mu. Ó ní kí n múra, ọkọ̀ ẹrù tó bá kọ́kọ́ lọ sí Ìlọrin lẹ́yìn Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni yóò gbé mi lọ sọ́dọ̀ ìyá mi títí n ó fi bímọ. Ó dùn mí wọra. N kò fẹ́ fi ọkọ mi sílẹ̀ rárá.

Ọkọ mi sáré ra oògùn ara yíyún lọ́wọ́ akiri kan, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ pé ó ń kunni lóorun. Mo lò ó. Ojú mi ń tòògbé, ẹsẹ̀ mi ń jó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ni mo bá lọ sí kílíníkì àwọn aboyún. Agbẹ̀bí ibẹ̀, ọmọ Ìjùmú, kí mi ní "ọkun", bí wọ́n ṣe ń kíni lọ́dọ̀ wọn. Mo ro ti ẹsẹ̀ mi, ti oògùn akiri àti ohun tí ìyá ọkọ mi wí nípa ilé fún un. Ó fa ìpéǹpéjú mi wálẹ̀, ó wò ó, ó sì gba ẹ̀jẹ̀ mi. Ẹ̀jẹ̀ mi kò tó. Ó ní ó wọ́pọ̀ kí ẹsẹ̀ aboyún máa yọ ọ́ lẹ́nu báyìí, pàápàá bí irin inú ẹ̀jẹ̀ bá lọ sílẹ̀. Ó béèrè ohun tí mo ń jẹ ní ìrọ̀lẹ́. Mo rẹ́rìn-ín kí n tó dáhùn.

"Eyín rẹ ti jẹ́wọ́," ló wí. "Kì í ṣe ilé ló ń lé ọ, ìyàwó. Obì ni, àti ẹ̀jẹ̀ tí kò tó."

Ó ní kí n jáwọ́ nínú obì àti tíì, torí wọ́n ń lé oorun, wọn kì í sì í jẹ́ kí ara gba irin inú oúnjẹ; kí n sì fi oògùn akiri sílẹ̀, nítorí irú rẹ̀ máa ń dá kún ìjà ẹsẹ̀, aboyún kò sì gbọdọ̀ lo oògùn tí wọn kò fún un. Ó fún mi ní oògùn irin kí n máa fi omi ọsàn lò ó. Ó ní kí n máa jẹ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, kí n máa rìn díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí n fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ wẹ ẹsẹ̀, kí n na iṣan rẹ̀, kí n sì fọwọ́ ra á. Ó kìlọ̀ pé irin kì í yára, kí n ní sùúrù. Ó gbàgbé láti sọ pé ìgbẹ́ mi á dúdú. Nígbà tí mo rí i, mo ké pe ọkọ mi pé mo ti kú. Ó sáré lọ sí kílíníkì, ẹ̀rín ló gbé e padà wálé.

Mo ro gbogbo rẹ̀ fún ìyá ọkọ mi, ẹ̀rù sì ń bà mí pé mo bú òwò rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, àárọ̀ ló ní kí a máa ṣa obì. Kí Jímọ̀ tó dé, ìjà ẹsẹ̀ mi ti rọlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì tán. Mo di àpótí mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ìrìn àjò, ìyá ọkọ mi wọlé. Ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ mi lé itan, ó ń ra á. N kò mọ ìgbà tí mo sùn.

Nígbà tí mo jí, ìyá ọkọ mi ti tú ẹrù inú àpótí mi padà sílẹ̀.

"Ẹsẹ̀ tèmi náà kì í sùn," ló sọ fún mi. "Ìgbà tí mo lóyún ọkọ rẹ, wọ́n torí rẹ̀ dá mi padà sílé bàbá mi. Ibẹ̀ ni mo bí i sí."

Ó tẹ̀ síwájú, ó fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀. "Wò ó fún mi. Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀?"

Ó funfun bí òwú. Mo dì mọ́ ọn, omi ń bọ́ lójú mi, ẹ̀rín ń pa mí, a sì jọ gba ọ̀nà kílíníkì lọ.