Ìṣísẹ̀ Méjì Sẹ́yìn Lórí Pákó

Bí Fátóògùn bíríkìlà bá parí iṣẹ́ kan, ìbáà ṣe ògiri pálọ̀, ìbáà ṣe ilé adìẹ, kì í kọ́kọ́ nu òógùn ojú rẹ̀. Á gbé ìṣísẹ̀ méjì sẹ́yìn, á fi orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, á di ojú òsì, á wá ní, "Ẹ jẹ́ n wò ó." Gbogbo Inísà ló mọ̀ ọ́n mọ́ ọn, débi pé Bàbá Ẹ-jẹ́-n-wò-ó ni àwọn ọmọ àdúgbò ń pè é. Ní Igbaye, ó gbé ìṣísẹ̀ méjì náà, ó jókòó sínú ọpọ́n gaàrí tí obìnrin kan gbé kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ní Ìkìrun, òbúkọ kan tí wọ́n so mọ́ ìdí igi ló fi ẹ̀yìn rọ́ lù, òbúkọ náà ò sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àwàdà.

Dúródọlá, ìyàwó rẹ̀, ti bá wọn rẹ́rìn-ín gaàrí, ó ti rẹ́rìn-ín òbúkọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni gbogbo ìyẹn ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ṣubú sínú gaàrí, gbígbọn ni yóò gbọn ìdí rẹ̀. Bí ọkọ rẹ̀ bá wà lórí òkè ńkọ́? Ẹ̀rù yẹn ti wà nínú Dúródọlá láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì fi bò fún ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ tirẹ̀ gan-an ni kò jẹ́ kó gbàgbé. Sikáfóòlù ló ń fi háyà, ìyẹn òpó, àkàbà àti pákó tí àwọn oníṣẹ́ ilé fi ń gun òkè. Àgbàlá rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà Òkukù, ó sì mọ àwọn pákó rẹ̀ bí ẹni mọ ewúrẹ́ agbo rẹ̀. Kí èyíkéyìí tó jáde, á fi ọmọ odó kan án láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, á máa dẹ etí. Pákó tó gbó dáadáa á dáhùn kẹ̀kẹ̀. Èyí tó bá ti là nínú, ohùn rẹ̀ á wọ́. Ojú ẹsẹ̀ ni yóò fi ayùn gé irú èyí wẹ́wẹ́, á sì fi dáná, kí ẹnikẹ́ni má baà jí i gbé gùn.

Nígbà tí Tíṣà Olúbọ̀dé tó ti fẹ̀yìntì ní Òkukù pe Fátóògùn pé kó wá rẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì òun, inú tọkọtaya náà dùn. Àmọ́ Tíṣà tún fi ọ̀rọ̀ kan sí i. Ó ní òun fẹ́ kìnìún. Kìnìún tí wọ́n fi símẹ́ǹtì mọ, tí yóò ya ẹnu, lókè pátápátá, níwájú ilé, kí gbogbo ẹni tó bá ń kọjá lè mọ̀ pé ẹnìkan ń gbé ibẹ̀.

"Kìnìún!" ni Fátóògùn ń wí bó ṣe wọlé lálẹ́ ọjọ́ náà. "Ìyá Fúnmiláyọ̀, ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti mọ kìnìún gbẹ̀yìn."

Ọkàn Dúródọlá já. Bí ọkọ rẹ̀ bá lè torí ilé adìẹ gbé ìṣísẹ̀ méjì sẹ́yìn, mélòó ni yóò gbé nítorí kìnìún?

"Bàbá Fúnmiláyọ̀," ó ní, "ẹ máa kan ọgbà sí sikáfóòlù yẹn. Igi kan níbàdí, igi kan lórúnkún, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́bàá ẹsẹ̀."

"Ọgbà kẹ̀? Ṣé màlúù ni mí ni? Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń gun òkè, mi ò ṣubú rí."

"Òbúkọ Ìkìrun ńkọ́?"

"Ìyẹn kì í ṣe òkè! Àti pé, kí ni wọ́n máa ń sọ? Igi gánganran má gún mi lójú, àtòkèèrè la ti ń wò ó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ rẹ̀ gún, ó gbọ́dọ̀ sún sẹ́yìn."

"Èmi náà ti ń wo tèmi látòkèèrè," ni Dúródọlá fi dá a lóhùn. "Bí kò bá sí ọgbà, kò sí pákó."

Fátóògùn bínú, ó fi ọ̀kadà lọ sí Ìkìrun lọ́jọ́ kejì láti háyà pákó lọ́dọ̀ Adépọ̀jù, tóun náà ń fi sikáfóòlù háyà níbẹ̀. Wọ́n gbé pákó kan lé orí búlọ́ọ̀kù méjì kó lè dán an wò. Bó ṣe gun orí rẹ̀ báyìí ni pákó dá sí méjì, gbàù. Ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán. Adépọ̀jù wò ó láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin náà sanra, ẹ̀gbọ́n." Fátóògùn padà sí Inísà, kò sọ̀rọ̀ ọ̀hún, ó kàn ní pákó Ìkìrun ò wu òun, pé òun á kan ọgbà náà. Dúródọlá rí ìyẹ̀fun ikán ní bàtà rẹ̀, ó gbé oúnjẹ fún un, kò bi í ní nǹkan kan.

Ọjọ́ tí wọ́n to sikáfóòlù náà tán, Dúródọlá fúnra rẹ̀ lọ sí Òkukù lọ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹnikẹ́ni tó gùn ún. Ó wo ẹsẹ̀ òpó: wọ́n ti tẹ́ pákó pẹlẹbẹ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kó má baà rì sínú ẹrẹ̀. Ó wo àwọn igi ìdábùú, ó wo bí wọ́n ṣe gba ojú fèrèsé di òpó mọ́ ara ilé kó má baà fì. Àwọn pákó sún mọ́ra, wọ́n sì so wọ́n mọ́lẹ̀. Kò sí èyí tí ẹnu rẹ̀ gùn kọjá igi débi tí yóò fi di jangirọ́fà lábẹ́ ẹsẹ̀ ènìyàn. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín ìtẹ́lọ́rùn kó tó rí ọgbà.

"Ta ló kan igi yìí sí ìta òpó?"

Tímótì, lébírà kan tó ti tó ẹni ogójì ọdún, tó sì ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, gbé ọwọ́ sókè. "Èmi ni, mà. Ó rẹwà jù lẹ́yìn ibẹ̀."

"Wá síbí. Bí ènìyàn bá fi ẹ̀yìn ti igi yìí láti inú, ibo ni ìṣó máa gbà?"

Tímótì ronú. "Á yọ jáde, mà."

"Bó bá wà nínú òpó ńkọ́?"

"Òpó ló máa gbà á dúró."

"Ẹ tú u, kí ẹ kàn án sínú."

"Mọ́mì, áńgẹ́lì ń ṣọ́ wa o."

"Mo mọ̀. Áńgẹ́lì náà á fẹ́ ibi tó máa fọwọ́ mú."

Fátóògùn gbọ́ láti ibi tó ti ń po símẹ́ǹtì. Ó kùn, ó ní ilé ọkọ ni obìnrin ti ń pàṣẹ, kì í ṣe sáìtì. Ṣùgbọ́n wọ́n tú u, wọ́n kàn án sínú, wọ́n tún fi okùn dì í mọ́ òpó. Dúródọlá ní kí wọ́n fi okùn pupa yí abẹ́ sikáfóòlù náà ká, kí ẹnikẹ́ni má baà gba ibẹ̀ kọjá nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lókè. Tíṣà Olúbọ̀dé, tó fẹ́ràn láti dúró gan-an níbẹ̀ máa gba àwọn tó wà lókè nímọ̀ràn, bínú pé wọ́n lé òun kúrò nínú ilé ara òun.

Ọjọ́ karùn-ún ni kìnìún yọ ojú. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Fátóògùn ń súfèé nígbà tó ń wẹ̀. Dúródọlá gbọ́ ìsúfèé yẹn, kò lè jókòó sí àgbàlá rẹ̀ mọ́. Ó di mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ, ó purọ́ fún ara rẹ̀ pé oúnjẹ lòun ń gbé lọ, ó wọ ọkọ̀ akérò lọ sí Òkukù. Òjò ti rọ̀ lóru, ṣùgbọ́n Tímótì sọ fún un pé àwọn ti yẹ àwọn ìdè àti ìṣó wò kí ọ̀gá tó gòkè, pé àwọn sì ti gbá ẹrẹ̀ kúrò lórí pákó.

Ó wo òkè. Kìnìún wà níbẹ̀. Irun rẹ̀ dà bí ti kìnìún, ẹnu rẹ̀ ya. Ojú rẹ̀ nìkan ni kò tọ́, nítorí pé ojú Tíṣà Olúbọ̀dé ni, gẹ́lẹ́ bó ṣe máa ń rí nígbà tí wọ́n bá lé e kúrò lábẹ́ sikáfóòlù. Fátóògùn wà níwájú rẹ̀, ó ń fi orí ìka tẹ ẹyinjú kejì wọlé.

Ó tẹ̀ ẹ́ tán. Ó gbé ọwọ́ kúrò.

Dúródọlá rí orí rẹ̀ tó fì sí ẹ̀gbẹ́. Igbe dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, ó gbé e mì, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá pariwo mọ́ lórí òkè, ìjayà nìkan tó láti tì í.

"Ẹ jẹ́ n wò ó," ni wọ́n gbọ́ láti òkè.

Ìṣísẹ̀ kan. Ìṣísẹ̀ kejì. Gìgísẹ̀ Fátóògùn kan pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ìdí ẹsẹ̀, ara rẹ̀ lọ sẹ́yìn, ìdí rẹ̀ sì rọ́ lu igi ọgbà, gbì! Igi náà ké. Òpó gbà á dúró. Ọwọ́ Fátóògùn fò sókè, ṣíbí ìrẹ́lé rẹ̀ já bọ́, ó ń yí lójú ọ̀run, ó sì gúnlẹ̀ ṣáṣá sáàárín okùn pupa, níbi tí Tíṣà Olúbọ̀dé ì bá dúró sí.

Tíṣà, tó wà lẹ́yìn okùn, wo ṣíbí náà, ó fọwọ́ pa orí ara rẹ̀, ó tún rọra gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn sí i.

Lókè, Fátóògùn ti fi apá méjèèjì gbá igi ọgbà mọ́ra. Ó bojú wo ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó pẹ́ kó tó gbójú kúrò níbẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré.

"Ìyá Fúnmiláyọ̀."

"Mo wà ńbí o."

"Inú lo ní kí wọ́n kàn án sí, àbí?"

"Inú ni mo ní."

"O ṣeun."

Ó kọjú sí àkàbà, ó rọra sọ̀kalẹ̀, ọwọ́ méjèèjì lórí igi. Nígbà tó dé ilẹ̀, ó jókòó lórí àpò símẹ́ǹtì, ó jẹ mọ́ínmọ́ín mẹ́ta. Dúródọlá jókòó tì í, ó ń sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín, kò mọ èwo ni kó mú ṣe. Tímótì bẹ̀rẹ̀ orin ọpẹ́, ó sì fi orúkọ òpó, okùn àti ìṣó sínú rẹ̀. Tíṣà ní kìnìún náà dára, pé ojú rẹ̀ jọ ojú ẹnìkan tí òun mọ̀, àmọ́ òun ò rántí ẹni náà.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nírọ̀lẹ́, Fátóògùn tún ẹsẹ̀ tábìlì ilé ìdáná ṣe. Ó gbé e dúró, ó fọwọ́ mì í wò. Ó gbé ìṣísẹ̀ kan sẹ́yìn. Kó tó gbé ìkejì, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wá igi. Kò sí igi kankan níbẹ̀. Ó dúró gbagidi lórí ẹsẹ̀ kan, ọwọ́ rẹ̀ ń tá pàrà nínú afẹ́fẹ́.

Dúródọlá tó ń gé ẹ̀fọ́ lẹ́yìn rẹ̀ gbé ọ̀bẹ kalẹ̀, ó sì ki ọwọ́ tirẹ̀ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Ó yá," ó ní, "ẹ máa wò ó."